Láti àmì funfun dé mùdùnmúdùn eyín: bí eyín ṣe ń jẹrà àti ìtọ́jú tó bá ìpele kọ̀ọ̀kan mu

Ohun méjì ló ń pinnu ìtọ́jú tí eyín tó ń jẹrà nílò. Èkíní ni bóyá ojú eyín náà ṣì wà lódidi tàbí ó ti lu. Èkejì ni bóyá mùdùnmúdùn inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, tó sì lè fara balẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi dídúdú eyín àti ìrora dájọ́, àwọn méjèèjì sì máa ń tanni jẹ. Eyín kan lè dúdú kirikiri kó jẹ́ pé jíjẹrà rẹ̀ ti dúró láti ọjọ́ pípẹ́, òmíràn lè funfun kó má dunni rárá, kó jẹ́ pé inú rẹ̀ ti kú. Torí náà ni mo ṣe fẹ́ ká tẹ̀ lé e láti òde wọlé, ká máa bèèrè ìbéèrè méjì yẹn bí a ṣe ń lọ.

Apá mẹ́ta ni eyín ní. Èèpo rẹ̀, tí a ń pè ní ẹnámẹ́ẹ̀lì, ló le jù nínú gbogbo ara ènìyàn. Nǹkan bí 96 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ló jẹ́ èròjà líle, kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífeètì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní iṣan, kò sì lè dunni. Dẹ́ńtìnì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rọ̀ ju èèpo lọ, ihò tín-ín-tìn-ìn-tín sì pọ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí àárín eyín. Àárín yẹn ni mùdùnmúdùn wà, ibi rírọ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára kún inú rẹ̀. Ohun tó ń dun ènìyàn nínú eyín, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Jíjẹrà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdọ̀tí rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ eyín. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ibẹ̀ máa ń jẹ ṣúgà, ásíìdì ni wọ́n sì ń yọ jáde. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí ṣúgà bá kàn wọ́n, pH ibẹ̀, òdiwọ̀n tó máa ń wálẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i, lè wálẹ̀ kọjá 5.5, níbi tí èèpo eyín ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Itọ́ ló ń bá wa fọ ásíìdì náà kúrò, tó sì ń dá kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífeètì padà sínú èèpo, iṣẹ́ tó lè gba ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Ẹni tó bá ń fi ẹnu kan ohun mímu dídùn díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ kò fún itọ́ láyè láti parí iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí dókítà eyín fi máa ń bèèrè iye ìgbà tí nǹkan dídùn ń wọ ẹnu lóòjọ́, tí kì í bèèrè bó ṣe pọ̀ tó nìkan.

Àmì funfun: ìgbà tí eyín ṣì lè gba ara rẹ̀ là

Àmì àkọ́kọ́ tí ojú lè rí máa ń jáde níbi tí ìdọ̀tí ti ń pẹ́: létí ẹran ìdí eyín, nínú àwọn kòtò tóóró orí eyín ẹ̀yìn, àti níbi tí eyín méjì ti fara kan ara wọn. Ibẹ̀ máa ń funfun ju eyín yòókù lọ, kì í sì í dán. Ásíìdì ti yọ èròjà kúrò lábẹ́ ojú èèpo, àmọ́ ojú gan-an ṣì wà lódidi, bí igi tí ikán ti wọ inú rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ kò tíì já.

Kí a tó lè rí i dáadáa, a ní láti kọ́kọ́ fọ eyín náà mọ́, ká wá gbẹ ẹ́. Ní ilé ìwòsàn, afẹ́fẹ́ ni a ń fẹ́ sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Nílé, ẹ lè fi òwú gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì dúró níwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Nígbà tí eyín bá tutù, omi ló kún àwọn ihò kéékèèké inú èèpo, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú wọn kọjá láìsí ìdíwọ́. Bó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á gba ipò omi, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, ibẹ̀ á sì funfun sí wa lójú. Ẹ̀kọ́ tó wúlò wà nínú èyí. Àmì tó jẹ́ pé ìgbà tí eyín bá gbẹ nìkan ló ń hàn kò tíì jinlẹ̀ púpọ̀. Èyí tó ń hàn tòun ti itọ́ lára ti wọ inú èèpo lọ jìnnà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó bèèrè bóyá ó ṣì ń jẹ lọ. Àmì tó ṣì ń jẹ lọ kì í dán, ojú rẹ̀ kì í jọ̀lọ̀, ìdọ̀tí máa ń wà lórí rẹ̀, ẹran ìdí eyín tó wà nítòsí rẹ̀ sì sábà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bí búrọ́ọ̀ṣì bá kàn án. Èyí tó ti dúró máa ń jọ̀lọ̀, ó máa ń dán, ó sì lè ti di àwọ̀ búráùn. Àwọ̀ búráùn yìí ló máa ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn ènìyàn, tí wọ́n á fi ní kí a gbẹ́ ẹ kúrò, bẹ́ẹ̀ àpá ohun tó ti jinná ni.

Àmì funfun kan tún wà tí kì í ṣe jíjẹrà. Bí ọmọ bá gbé fúlọ́ráìdì púpọ̀ jù mì nígbà tí eyín àgbà rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú egungun, àmì lè wà lára eyín náà nígbà tó bá yọ. Irú èyí sábà máa ń wà ní ọ̀tún àti òsì bákan náà, kì í sì í tẹ̀ lé etí ẹran ìdí eyín.

Kò sí ẹ̀rọ ìgbẹ́yín nínú ìtọ́jú àmì funfun. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un láti mọ̀ bó bá rọ̀, torí ojú tó kù lódidi yẹn gan-an ni ohun tí a fẹ́ dáàbò bò. Bí irin bá la á, a ti fi ọwọ́ ara wa sọ ìpele kìíní di ìkejì.

Fúlọ́ráìdì ni olórí oògùn níbí. Nígbà tí itọ́ bá ń dá kálísíọ́ọ̀mù padà, fúlọ́ráìdì máa ń bá a wọlé, èèpo tuntun tó bá sì dá nípa bẹ́ẹ̀ máa ń fara da ásíìdì ju ti àtijọ́ lọ: pH gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé nǹkan bí 4.5 kó tó yọ́. Ẹ wo ara páálí ọṣẹ ìfọyín yín, ẹ ó rí nọ́ńbà tí ppm tẹ̀ lé, ìyẹn iye fúlọ́ráìdì tó wà nínú rẹ̀. Fún àgbàlagbà, 1,000 sí 1,500 ppm ló dára. Ẹ fi fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, nítorí itọ́ kì í sun púpọ̀ lójú oorun. Lẹ́yìn náà, ẹ tu fóòmù dànù, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi yọ ẹnu. Omi yẹn ló ń gbé oògùn lọ kó tó ṣiṣẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kí ọṣẹ rẹ̀ má ju hóró ìrẹsì kan lọ. Láti ọdún mẹ́ta dé mẹ́fà, kí ó tó hóró ẹ̀wà kékeré kan, kí àgbà sì dúró tì í.

Dókítà lè fi fáníìṣì fúlọ́ráìdì kun ojú àmì náà. Èyí tó wọ́pọ̀ ní 22,600 ppm, ìyẹn sì ni kò fi jẹ́ ohun tí ènìyàn ń dá lò nílé. Kíkùn rẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, a sì ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, bí ewu bá ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ẹni náà. Bí àmì náà bá wà nínú kòtò orí eyín ẹ̀yìn, rẹ́sìnì, ohun ṣíṣàn tó máa ń le lórí eyín, la máa ń dà sí i láti dí kòtò náà pa. Kòkòrò tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní rí ṣúgà gbà mọ́. Kí dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà gbogbo, torí bí apá kan rẹ̀ bá ṣí, ìdọ̀tí á wọ abẹ́ rẹ̀, ojú kò sì ní rí i.

Ẹ má retí àyípadà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù mélòó kan ló máa ń gbà kí ojú àmì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Àmì náà lè má parẹ́ pátápátá láé, pàápàá lára eyín iwájú, àmọ́ bó bá ti jọ̀lọ̀ tó sì ń dán, ìtọ́jú ti jẹ́. Ẹni tí funfun rẹ̀ bá ń dà láàmú nítorí ẹwà lè bèèrè nípa rẹ́sìnì ṣíṣàn tí a máa ń jẹ́ kó rì wọ inú èèpo, tí yóò dí àwọn ihò kéékèèké náà, tí àwọ̀ ibẹ̀ á sì sún mọ́ ti eyín yòókù.

Àárín eyín méjì àti ìgbà tí ojú bá lu

Níbi tí eyín méjì ti fara kan ara wọn, ojú kò lè rí àmì funfun. Ẹ́síréè tí aláìsàn ń di fíìmù rẹ̀ mú láàárín eyín òkè àti ìsàlẹ̀ la fi ń wá a. Òjìji dúdú ló máa ń hàn lórí rẹ̀. Ẹ rántí pé èròjà púpọ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ kí ẹ́síréè tó lè fi hàn, torí náà ohun tó wà nínú eyín sábà máa ń jinlẹ̀ ju ohun tí àwòrán sọ lọ.

Bí òjìji náà kò bá tíì kọjá èèpo, ojú ibẹ̀ kì í sábà tíì lu. Òwú ìfọyín tí a ń fà gba àárín wọn lójoojúmọ́, fúlọ́ráìdì, àti ẹ́síréè mìíràn lẹ́yìn ọdún kan la ó fi bá a jà. Bí òjìji náà bá ti wọ dẹ́ńtìnì díẹ̀, ibẹ̀ ni ìdájọ́ ti ń le. Dókítà lè fi rọ́bà kékeré sí àárín eyín méjèèjì fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n lè yẹra fún ara wọn díẹ̀, kó sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, torí eyín tí a bá ti gbẹ́ kò ṣeé dá padà. Kí a fi ọjọ́ mẹ́ta dúró kí a lè mọ̀ dájú sàn ju kí a gbẹ́ ohun tí kò yẹ ká gbẹ́.

Lọ́jọ́ tí ojú bá lu, ìdọ̀tí ti rí ibi sá sí tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Èèpo kò ní ẹ̀mí tó lè fi hù padà, ihò náà kò sì lè dí fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ihò kékeré tó wà nínú èèpo nìkan, tó ṣí síta, tí búrọ́ọ̀ṣì sì ń wọ̀, ṣì lè dúró níbẹ̀ láìtún jinlẹ̀ sí i. Èyí tí ìdọ̀tí ń há sí la gbọ́dọ̀ dí.

Dẹ́ńtìnì: ibi tí jíjẹrà ti ń sáré

Bí jíjẹrà bá kọjá èèpo, ó máa ń fẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lókè lọ. Ìdí rèé tí ènìyàn fi lè rí ojú ihò tó kéré gan-an, tí dókítà á sì bá ihò ńlá nínú. Àmì tó yẹ ká ṣọ́ ni òjìji eérú tó ń hàn láti abẹ́ èèpo tó dà bí ẹni pé ó ṣì pé. Aláìsàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan dídùn tàbí omi tútù bá kàn án, torí pé àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín inú dẹ́ńtìnì ti ṣí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í sì í mọ ohunkóhun lára.

Dẹ́ńtìnì tó ti jẹrà kì í ṣe ọ̀kan náà. Lókè, ó rọ̀, ó tutù, kòkòrò sì kún inú rẹ̀. Bí a bá ń lọ sísàlẹ̀, a ó dé ibi tó dà bí awọ, tí irin ń họ díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn ni dẹ́ńtìnì wà tó ti pàdánù èròjà ṣùgbọ́n tó ṣì duro ṣinṣin, tí ara sì lè tún ṣe. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ gbogbo rẹ̀ títí wọn ó fi kan èyí tó le koránkorán. Lónìí, nínú ihò tó jinlẹ̀, a mọ̀ pé irú gbígbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣí mùdùnmúdùn sílẹ̀ láìnídìí.

Ẹ jẹ́ ká wo aláìsàn kan kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 19 ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú wáyà tí wọ́n fi tò ó léyín. Ó ní omi tútù máa ń ta á léyín nísàlẹ̀ lápá òsì, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Nígbà tí a yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ìpele mẹ́ta la bá níbẹ̀. Eyín iwájú mẹ́rin lókè ní àmì funfun yí ibi tí wáyà ti lẹ̀ mọ́ wọn ká, wọn kò dán. Ẹ́síréè fi òjìji kan hàn láàárín eyín ẹ̀yìn méjì nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún, kò tíì kọjá ìdajì èèpo. Eyín ẹ̀yìn ńlá àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ lósì, èyí tó máa ń yọ ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ní ihò kékeré kan lórí pẹ̀lú òjìji eérú tó fẹ̀ yí i ká. Lórí ẹ́síréè, jíjẹrà náà ti wọ ìdá kẹta tó sún mọ́ mùdùnmúdùn jù, ṣùgbọ́n dẹ́ńtìnì ṣì wà láàárín wọn.

Eyín iwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba fáníìṣì, àárín eyín lọ́tùn-ún gba òwú ìfọyín àti àyẹ̀wò lọ́dún tó ń bọ̀. A kò gbẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Eyín ńlá apá òsì ni iṣẹ́ wà. Kí a tó fọwọ́ kàn án, a fi òwú tí a fi òtútù sí kàn án: ó ta á, ṣùgbọ́n kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí a yọ òwú náà kúrò tí ìrora fi lọ. A kan eyín náà lórí pẹ̀lú irin, kò dùn ún. Ìdí gbòǹgbò rẹ̀ lórí ẹ́síréè sì mọ́. Mùdùnmúdùn ń ráhùn, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láàyè, ó sì lè sàn.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà la fi rọ́bà fẹ́lẹ́ ya eyín náà sọ́tọ̀ kí itọ́ má bàa wọ̀ ọ́. Ní etí ihò náà yípo, a gbẹ́ títí tí a fi kan dẹ́ńtìnì líle àti èèpo tó mọ́, torí etí yìí ni ohun ìdíhò máa lẹ̀ mọ́. Ní ìsàlẹ̀ ihò, lókè mùdùnmúdùn, a kó èyí tó tutù tó sì rọ̀ jù kúrò, a sì dáwọ́ dúró nígbà tí a kan èyí tó dà bí awọ. A fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀. Kòkòrò tó kù nínú rẹ̀, bí a bá ti dí i pa dáadáa, kò ní rí oúnjẹ mọ́, púpọ̀ nínú wọn á kú, ìyókù kò sì ní lágbára. Lábẹ́ wọn, mùdùnmúdùn á máa kọ́ dẹ́ńtìnì tuntun díẹ̀díẹ̀ láti inú, kí àlàfo náà lè nípọn sí i. Lọ́jọ́ yẹn kan náà la fi kọ̀ǹpósíìtì, ohun ìdíhò tó ní àwọ̀ eyín, dí i pátápátá. Ohun ìdíhò mìíràn tó ń jẹ́ gíláàsì ayónómà náà dára, pàápàá níbi tó bá ṣòro láti mú kí eyín gbẹ.

Gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lórí dídí náà. Bí etí rẹ̀ bá ń jò, ṣúgà á tún dé ọ̀dọ̀ kòkòrò tí a fi sílẹ̀, ohun tí a fẹ́ sá fún á sì ṣẹlẹ̀. A sọ fún un pé kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àti lẹ́yìn ọdún kan. Bí òtútù bá ṣì ń ta á fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn dídí, kò burú. Bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ sí i dípò kó máa dín kù, kó má dúró de oṣù mẹ́fà.

Fún eyín ọmọdé tí yóò ṣì bọ́, èèpo rẹ̀ kò nípọn tó ti àgbà, jíjẹrà sì máa ń yá nínú rẹ̀. A lè fi adé irin tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ bo eyín ẹ̀yìn ọmọ náà mọ́lẹ̀ láìgbẹ́ ẹ rárá. Omi fàdákà àti fúlọ́ráìdì náà wà, tí a ń fi kun ihò láti dá jíjẹrà dúró. Ó máa ń sọ ibẹ̀ di dúdú títí láé, kí dókítà sì sọ bẹ́ẹ̀ fún òbí kó tó fi kàn án.

Mùdùnmúdùn: mímọ èyí tó lè sàn àti èyí tó ti kọjá bẹ́ẹ̀

Ká ní ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn kò wá, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹun títí ọ̀pọ̀ oṣù fi kọjá. Kòkòrò á dé ọ̀dọ̀ mùdùnmúdùn, ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Inú dẹ́ńtìnì líle ni mùdùnmúdùn wà, kò sí ibi tó lè wú sí. Ẹ̀jẹ̀ á há, iṣan ìmọ̀lára á gbóná janjan.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi aláìsàn ní ìpele yìí, ìdáhùn wọn sì sábà máa ń fi ọ̀nà hàn kí n tó gbé irin. Bí omi tútù bá kàn án, báwo ni ìrora ṣe ń pẹ́ tó lẹ́yìn tí omi ti lọ? Ṣé ó máa ń dédé bẹ̀rẹ̀ láìsí ohun tó kàn án? Ṣé ó ń jí i lójú oorun? Ìrora tó lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí kì í dá bẹ̀rẹ̀, ń sọ pé mùdùnmúdùn lè sàn bí a bá mú jíjẹrà kúrò tí a sì dí eyín. Ìrora tó ń pẹ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń dá bẹ̀rẹ̀, tó ń le sí i bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, tí ohun gbígbóná ń ru sókè, ń sọ pé ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń pọ́n omi tútù sẹ́nu nítorí òun nìkan ló ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ kì í lè tọ́ka sí eyín náà gan-an. Wọ́n á ní etí ló ń dun àwọn, tàbí kí wọ́n tọ́ka sí eyín òkè nígbà tó jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ló bàjẹ́. Torí náà la ṣe ń fi òtútù dán eyín mélòó kan wò, ká tó fọwọ́ kan èyíkéyìí.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: ìrora á dáwọ́ dúró. Oògùn tí wọ́n lò ni wọ́n á rò pé ó jẹ́. Mùdùnmúdùn ló ti kú, kò sì sí ohun tó lè mọ ìrora mọ́ nínú eyín náà. Kòkòrò á máa gba ẹnu gbòǹgbò jáde sínú egungun. Nígbà tó bá yá, eyín náà á máa dùn bí ènìyàn bá fi gé nǹkan, á dà bí ẹni pé ó ga ju àwọn yòókù lọ, tàbí kí eéwo kékeré tó ń ṣọyún yọ lára ẹran ìdí eyín, kó máa là, kó máa tún wú.

Oògùn apakòkòrò kò lè wo mùdùnmúdùn tó ń wú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri, inú eyín tó ti kú kò sì ní ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ibi tí irú oògùn yìí ti wúlò ni ìgbà tí àrùn bá ti ń tàn ká ara, tí ibà wà, tàbí tí wíwú ń gbòòrò, nígbà náà pàápàá, a gbọ́dọ̀ ṣí eyín tàbí kí a yọ ọ́. Ẹ má ṣe fi ásípírììnì há ẹ̀gbẹ́ eyín. Ásíìdì ni, á jó ẹran ìdí eyín, kò sì ní dé ibi tó ń dunni.

Bí mùdùnmúdùn bá ṣí níwọ̀nba nígbà tí a ń gbẹ́ eyín, tí ìrora aláìsàn kò sì tíì kọjá ti ẹni tó lè sàn, a lè gbà á là. Òwú tí a rì sínú sódíọ́ọ̀mù haipokúlóráìtì, omi apakòkòrò kan, la máa ń gbé lé e títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, lẹ́yìn náà la ó fi símẹ́ǹtì eyín tó ní kálísíọ́ọ̀mù bò ó, ká sì dí i pa. Ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ló ń sọ òótọ́. Bó bá kọ̀ tí kò dá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ibi tí a rí ti wú jù, a ó gé díẹ̀ sí i nínú mùdùnmúdùn orí eyín, ká tún wò ó. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá ni ibi tó ṣì le bẹ̀rẹ̀, ìyókù nínú gbòǹgbò á sì lè wà láàyè.

Bó bá ti kú tàbí tí kò lè sàn mọ́, ohun méjì ló kù: ìtọ́jú gbòǹgbò tàbí yíyọ eyín. Kí a tó yan ìtọ́jú gbòǹgbò, a ó wo bóyá ara eyín tó kù pọ̀ tó láti gbé adé. Eyín tó ti já dé abẹ́ egungun kò yẹ fún un, owó àti àkókò aláìsàn ni a ó kàn fi ṣòfò.

Eyín ẹ̀yìn ńlá àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ sábà máa ń ní gbòǹgbò méjì, ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì máa ń wà nínú wọn. Ọ̀nà kẹrin tí a kò wá yẹn jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń mú kí ìtọ́jú kùnà. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àti rọ́bà, a ó ṣí orí eyín, a ó wá ẹnu gbogbo ọ̀nà náà, a ó wọn gígùn wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ẹ́síréè kí irin má bàa kọjá ẹnu gbòǹgbò, a ó fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tún wọn ṣe, a ó sì máa fi sódíọ́ọ̀mù haipokúlóráìtì fọ̀ wọ́n láàárín. Fífọ̀ yìí ló ń dé ibi tí irin kò lè dé. Nígbà tí inú rẹ̀ bá gbẹ, gọ́tà-pẹ́ṣà, tí a ń rí láti inú oje igi, la fi ń dí ọ̀nà náà. Eyín ẹ̀yìn tí a ṣe báyìí ti pàdánù ara púpọ̀, ó sì lè là bí ènìyàn bá fi jẹun, torí náà a máa ń fi adé bò ó láìpẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń san owó ìtọ́jú gbòǹgbò tí wọn kì í padà wá fún adé, eyín náà á sì là sí méjì.

Lẹ́yìn ọdún kan, a ó tún ya ẹ́síréè. Òjìji dúdú tó wà nídìí gbòǹgbò tẹ́lẹ̀ yẹ kó ti máa kéré sí i bí egungun ṣe ń kún padà. Ó lè gbà tó ọdún mẹ́rin kó tó tán pátápátá. Bó bá ń fẹ̀ sí i, tàbí tí eéwo tún yọ, àrùn ṣì wà nínú ọ̀nà kan, a ó sì tún un ṣe tàbí kí a gé ẹnu gbòǹgbò náà.

Nínú gbogbo ìpele yìí, àwọn àmì kan wà tí kò ní dúró de ọjọ́ tí dókítà eyín fún yín: wíwú tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn tàbí abẹ́ ahọ́n, tó ń gun ojú lọ, ẹnu tí kò ṣí dáadáa mọ́, kí itọ́ gbígbémì ṣòro, tàbí kí mímí di iṣẹ́. Ilé ìwòsàn ńlá tó ń gba aláìsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbé ẹni náà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru, nítorí wíwú abẹ́ ahọ́n lè dí ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí díẹ̀.